Ìwé-Ẹ̀rí Owó-Orí àti Káfíńtà tí Ìwé Rẹ̀ Pẹ́ Dé

Ní abala wa ti ìgbà yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewé ìwé kan ṣoṣo, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ní agbègbè wa kì í rántí àfi ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Ìwé náà ni àwọn Faransé ń pè ní « attestation fiscale », tí àwa yóò máa pè ní ìwé-ẹ̀rí owó-orí.

Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó ti jókòó nínú kíláàsì wa rí. Ó ti di káfíńtà báyìí ní Ṣaúrú, ìlú tí wọ́n ń kọ ní Tchaourou lórí ìwé ìjọba, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ẹkùn wa kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò kan tábìlì àti àga 120 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ náà ṣe ìṣirò igi, ìṣó, ọ̀dà àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó rí i pé bí òun bá gba 35,000 F lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun yóò jèrè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,200,000 F. Ó kó gbogbo ìwé jọ, ó wá ku ìwé-ẹ̀rí owó-orí. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù kí àkókò ìfiwésílẹ̀ pé. Ó béèrè fún ìwé náà, wọn kò fún un. Nígbà tí ìwé náà yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ti di ọjọ́ kejì tí wọ́n ti ṣí àpótí ìdíje.

Ó tọ̀ wá wá pẹ̀lú ìbínú. Ó ní: « Ẹ̀yin olùkọ́ wa, n kò jalè, n kò sì sá fún owó-orí. Kí ló dé tí wọ́n fi ní mo jẹ gbèsè? » A jókòó, a tú ìwé rẹ̀ palẹ̀, a sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wọ́. Ẹ jẹ́ kí á mú u ní ẹsẹ-ẹsẹ.

Kí ni ìwé náà ń sọ gan-an? Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: pé ní ọjọ́ tí a kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ owó-orí wo àkọsílẹ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó rí i pé ó ti ṣe gbogbo ìkéde tó yẹ kó ṣe, kò sì sí owó-orí kan tí àkókò sísan rẹ̀ ti kọjá tí kò tíì san. Ó dà bí àwòrán tí a yà ní ọjọ́ kan. Bí ẹni náà bá di onígbèsè ní oṣù kejì, àwòrán àná kò lè sọ ọ́. Ìdí nìyí tí ìwé náà fi ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán.

Ìwé náà kò sọ pé onítọ̀hún mọ iṣẹ́, kò sọ pé ó ní owó ní báńkì, kò sì sọ pé ó ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ti ìkẹyìn yìí ní ìwé tirẹ̀, èyí tí CNSS, àpò ìdáàbòbò àwọn òṣìṣẹ́, ń fúnni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da méjèèjì pọ̀, tí wọ́n á mú ọ̀kan wá kí wọ́n sì rò pé ó tó.

Kí ló dé tí ìjọba fi ń béèrè rẹ̀? Òfin iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òfin 2020-26 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, kò fẹ́ kí ẹni tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ lórí owó-orí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Owó-orí ni a fi ń san owó iṣẹ́ náà. Yàtọ̀ sí èyí, káfíńtà tí kò san owó-orí lè dín iye tirẹ̀ kù ju ti káfíńtà tó ń san án lọ, kì í ṣe nítorí pé ó mọ iṣẹ́ jù, bí kò ṣe nítorí pé ó fi ẹrù tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí. Àwọn ará wa ní òdìkejì ààlà náà ní irú òfin yìí: òfin ríra ọjà ìjọba ti Nàìjíríà ní ọdún 2007 béèrè pé kí olùdíje ti san owó-orí rẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tiwọn sì máa ń fi ti ọdún mẹ́ta tó ṣáájú hàn. Nítorí náà, ọmọ wa tó bá fẹ́ ta àga dé Ṣakí yóò bá ìbéèrè kan náà pàdé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ káfíńtà wa. Ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ owó-orí ní Bẹ̀nẹ̀ ni nọ́ńbà tí a ń pè ní IFU, tí ó ní àmì òǹkà mẹ́tàlá. Ẹni kan, nọ́ńbà kan. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ló ni ín, ẹni náà ló ni ín. Ìkéde tí a ṣe, owó tí a san, gbèsè tí a jẹ, abẹ́ nọ́ńbà yìí ni gbogbo rẹ̀ ń kóra jọ sí. Káfíńtà wa gba IFU tirẹ̀ ní ọdún 2021, kì í ṣe fún iṣẹ́ igi, bí kò ṣe fún ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ó fẹ́ fi máa ta símẹ́ńtì àti páànù. Ṣọ́ọ̀bù náà kò pé. Ní ìparí ọdún 2022 ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó kó ọjà tó kù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì padà sídìí igi gígé. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Lójú ilé-iṣẹ́ owó-orí, kò parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù ti kú. Olókòwò kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 50,000,000 F lọ ń san owó-orí kan tí a mọ̀ sí TPS. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé ni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín sí 10,000 F lọ́dún. A gbọ́dọ̀ ṣe ìkéde rẹ̀ fún ọdún tó kọjá kí oṣù kẹrin tó parí. Ẹni tí kò bá kéde ohunkóhun kò sọ pé òun kò rí nǹkan kan; ó kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í sì í ṣe òdo nínú ìwé owó-orí. Ọdún méjì ni káfíńtà wa fi dákẹ́. Ọdún méjì náà ló ń dúró dè é lábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó lọ béèrè ìwé-ẹ̀rí, pẹ̀lú ìtanràn tó ti gun orí wọn.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé gbèsè náà kò pọ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì, iye tó kéré jù lọ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn: 20,000 F fún ọdún méjèèjì, láìka ìtanràn. Ẹni tó ń lé iṣẹ́ 4,200,000 F kò ní ṣàì rí irú owó bẹ́ẹ̀. Àkókò ni kò rí. Ó ní láti lọ sí Parakú, kí ó kọ ìwé pé òun ti ti ṣọ́ọ̀bù, kí ó kéde ọdún méjì tó fi sílẹ̀, kí ó kéde iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe ní tòótọ́, kí ó san owó, kí ó sì dúró kí ìsanwó náà hàn nínú àkọsílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ọjọ́ mẹ́jọ ló ní.

Báwo ni ìbá ti ṣe é? Ẹ jẹ́ kí á to ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbèrò àtidíje lọ́dún tó ń bọ̀.

Èkíní, oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó nílò ìwé náà, kí ó lọ wo àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó lè fi IFU rẹ̀ wọlé sí ibi iṣẹ́ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ owó-orí, tí ọ̀nà rẹ̀ wà lórí `impots.bj`, tàbí kí ó lọ sí ibùdó owó-orí tó ń bójú tó o fúnra rẹ̀. Kí ó béèrè ohun méjì: ìkéde wo ni mi ò tíì ṣe? Owó wo ni mi ò tíì san? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀ lè pàdánù ìwé-ẹ̀rí nítorí ìkéde kan tí kò ṣe.

Èkejì, kí ó tún ohun tó wọ́ ṣe. Bí ìdí òwò bá ti yí padà, kí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó tì í. Bí ó bá san owó, kí ó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀, kí ó sì padà wò ó bóyá owó náà hàn lábẹ́ IFU tirẹ̀. A ti rí i tí wọ́n fi òǹkà kan ṣe àṣìṣe nínú mẹ́tàlá, tí owó ẹnì kan sì lọ jókòó sí abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí ó wá béèrè fún ìwé náà. Nígbà tí àkọsílẹ̀ bá ti mọ́, ìgbésẹ̀ yìí ló rọrùn jù lọ. Kí ó ka ìwé náà dáadáa kí ó tó fi í sínú àpò ìdíje: ṣé orúkọ òun ni wọ́n kọ, lẹ́tà dé lẹ́tà, bí ó ti wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò òun? Ṣé IFU náà bára mu? Ṣé agbára ìwé náà yóò ṣì wà ní ọjọ́ tí ìwé ìkéde iṣẹ́ béèrè? Ìwé ìkéde kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìgbà tí òun fẹ́ rí i. Àwọn kan fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìwé ìdíje. Àwọn mìíràn béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó borí, kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn. Bí àyẹ̀wò bá pẹ́, ìwé tó dára lọ́jọ́ ìfiwésílẹ̀ lè ti kú lọ́jọ́ ìfọwọ́sí. Nígbà náà, tuntun ni a ó gbà.

A gbọ́dọ̀ sọ ti ọ̀nà àbùjá kan tí wọ́n fi lọ káfíńtà wa ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ìwé-ẹ̀rí tó mọ́ sọ fún un pé: « Wá fi ìwé tèmi díje. Ìwọ ṣe iṣẹ́, èmi á gba owó, màá fún ọ. » Ó dà bí àánú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń lọ. Orúkọ ọ̀rẹ́ yìí ni yóò wà lórí àdéhùn. Owó yóò bọ́ sí àpò báńkì tirẹ̀. Ìwé owó tí a ó fi béèrè owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ìjọba fi àmì sí, tí àwọn Faransé ń pè ní « facture normalisée », IFU ọ̀rẹ́ náà ni yóò sì wà lórí rẹ̀. Lójú owó-orí, òun ló pa 4,200,000 F. Bí ó bá wà lábẹ́ TPS, ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 210,000 F, yóò sì san án lórí owó tí kò wọ àpò rẹ̀. Bí kò bá san án, ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ náà kò ní mọ́ mọ́ ní ọdún tó tẹ̀lé e. Káfíńtà ní tirẹ̀ kò ní ìwé kankan tí yóò fi hàn bí ọ̀rẹ́ bá sẹ́ owó mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní ẹ̀rí pé òun ti kan àga 120 rí, èyí tí yóò nílò fún ìdíje tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ méjì á pàdánù lórí ìwé kan.

Ó kù kí á wo ọ̀dọ̀ olùrajà. A kò sọ èyí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Ẹgbẹ́ òbí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń gbéṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe lè ṣe àyẹ̀wò kan náà. Ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹni tí òfin fi iṣẹ́ àgbàṣe sí lọ́wọ́, tí a ń pè ní PRMP, àti ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìdíje wò ni ojúṣe náà wà lọ́rùn wọn.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò nílò ẹ̀rọ. A ó to ìwé-ẹ̀rí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé yòókù nínú àpò ìdíje. Orúkọ àti IFU tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdíje, ti ìforúkọsílẹ̀ òwò àti ti àpò báńkì mu. Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá para pọ̀ díje, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò mú tirẹ̀ wá. A ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. A ó wò ó bóyá nọ́ńbà ìtọ́kasí kan náà wà lórí ìwé olùdíje méjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayédèrú.

Àyẹ̀wò kejì ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni a sábà máa ń fò. Àwọn àgbà ní ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ẹni tó kọ ìwé náà nìkan ló lè sọ bóyá òun kọ ọ́. Òǹtẹ̀ tó pupa rokoṣo kò fi nǹkan kan hàn, nítorí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ òǹtẹ̀. Bí ìwé náà bá ní àmì onígun mẹ́rin tí fóònù ń kà, a ó fi fóònù kà á, ṣùgbọ́n a ó ṣọ́ra fún ohun méjì. Kí á wo àdírẹ́sì tí fóònù ṣí: ṣé ti ilé-iṣẹ́ owó-orí ni lóòótọ́? Ọ̀jáfáfá ayédèrú lè ṣe àmì tirẹ̀, kí ó sì darí rẹ̀ sí ojú ewé tí òun fúnra rẹ̀ kọ « ìwé yìí dára » sí. Lẹ́yìn náà, kí á fi ohun tó hàn lójú fóònù wé ohun tó wà lórí ìwé, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Àmì tòótọ́ tí a gé láti ara ìwé ẹlòmíràn yóò ṣí ojú ewé tòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni yóò gbé jáde, tàbí ọjọ́ tí ó yàtọ̀. Ẹni tó bá kàn rí i pé ojú ewé ṣí, tó sì pa fóònù, kò yẹ ìwé wò.

Bí kò bá sí àmì, tàbí tí iyèméjì bá wà, kí olùrajà kọ ìwé sí ibùdó owó-orí tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé-ẹ̀rí náà, kí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ sí i, kí ó sì béèrè bóyá àwọn ló kọ ọ́. Àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù tó bá wà lórí ìwé tí à ń fura sí kọ́ ni kí ó lò. Kí ó wá a níbòmíràn. Kí ó fi ìdáhùn náà sínú fáìlì pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò. Bí olùdíje tí kò gba iṣẹ́ náà bá fẹjọ́ sùn, fáìlì yìí ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹni tí a bá ká ìwé ayédèrú mọ́ lọ́wọ́ kò pàdánù iṣẹ́ kan náà nìkan. ARMP, àjọ tó ń ṣàkóso ìlànà iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, ní agbára láti lé e kúrò nínú ìdíje fún ìgbà kan. Ẹni tó jẹ owó-orí lè san án láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí a lé kúrò yóò jókòó wo àwọn ẹlòmíràn títí ìgbà tí a dá fún un yóò fi pé. Ìdí rèé tí a fi sọ fún káfíńtà wa pé, ó sàn bí ó ti pàdánù lọ́nà tó gbà pàdánù yẹn.

Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ó mọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ìkéde iṣẹ́ mìíràn tó jáde. Kò bẹ̀rù. Ó ti ra ìwé àjákọ kékeré kan, ó so ó mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn rẹ̀, ó ń kọ owó tó wọlé sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ti fi bírò pupa fa ìlà yí oṣù kẹrin ká lórí kàlẹ́ńdà. Nígbà tí a kọjá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó nawọ́ sí i, ó ní: « Olùkọ́ wa, ibẹ̀ ni ìdíje mi ti bẹ̀rẹ̀. »